Káràmẹ́ẹ̀lì tó ń di yanrìn: ká fi omi sí i, àbí ká yọ́ ṣúgà ní gbígbẹ?

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe kéèkì tà. Oníbàárà mi kan fẹ́ káràmẹ́ẹ̀lì lórí kéèkì rẹ̀, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé ṣúgà àti omi ka iná, mo ń rò ó dáadáa kó má baà jóná, ṣùgbọ́n kó tó pọ́n ló ń funfun, tó ń di yanrìn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fi omi sí i rárá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó jóná. Nígbà tí mo wá da mílíìkì inú fíríìjì sí i, ó ta sí mi lọ́wọ́. Èwo gan-an ló dára jù nínú méjèèjì, kí ni mo sì ń ṣe tí kò tọ̀nà?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ ọwọ́ o. Tí ibẹ̀ bá ti lé ròrò, má bẹ́ ẹ, jẹ́ kí wọ́n bá ọ wò ó ní ilé ìwòsàn. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ jíjóná níwájú, torí kò yẹ kó ta sí ọ rárá.

Rírò tí ò ń rò ó yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di yanrìn. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nídìí ààrò ni pé ohun tí a kò bá rò yóò jó mọ́ ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ló rí fún àmàlà. Ṣúgà inú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, kò lè gbóná tó ohun tí yóò jó o, nítorí omi náà ni yóò kọ́kọ́ gba ooru iná, tí yóò sì gbé e jáde bí oruku. Nítorí náà, lásìkò tí o rò pé ò ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná, kò sí iná kankan tó ń bá a jà. Wóro ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà yẹn, orógùn rẹ ló sì ń kó wóro wọlé.

Wò ó báyìí. Ká ní gíráàmù 200 ṣúgà lo fi sínú mílílítà 60 omi. Tí omi náà bá tutù, kò lè yọ́ ju bíi 120 gíráàmù lọ nínú ṣúgà yẹn, ìyókù yóò wà nísàlẹ̀. Tí o bá gbé e kaná tó gbóná, gbogbo rẹ̀ yóò yọ́, omi yóò sì mọ́ lóló. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé omi ń hó lọ, ṣúgà kò hó lọ. Nígbà tó bá fi ku ìdajì omi, ẹrù tó wà lórí omi tó kù yẹn ti kọjá ohun tó yẹ kó lè gbé. Ó kàn ń gbé e lọ ni, torí pé kò tíì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ṣúgà dà bí àwọn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà lọ sóde. Tí gbọ̀ngán bá fẹ̀, wọn yóò tú ká. Ṣùgbọ́n tí àyè bá há, tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lára wọn bá ti rí tábìlì kan jókòó sí, kò ní pẹ́ tí gbogbo aláṣọ yẹn yóò fi wá tò sídìí tábìlì ọ̀hún. Wóro kan ṣoṣo tó já bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni tábìlì tí mò ń wí. Tó bá ti bọ́ sínú omi ṣúgà tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, ìṣẹ́jú kan kì í pé tí gbogbo ìkòkò yóò fi funfun. Orógùn wá ń ṣe iṣẹ́ ibi méjì pọ̀: ó ń ta omi ṣúgà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, èyí tó bá ta síbẹ̀ á gbẹ, á di wóro, lẹ́yìn náà, orógùn kan náà yóò tún há a wálẹ̀ sínú ìkòkò. Kódà bí kò bá sí wóro lẹ́gbẹ̀ẹ́, rírò nìkan ń ti àwọn aláṣọ ẹbí lu ara wọn, wọn á sì rántí pé ẹbí ni àwọn.

Nítorí náà, àkókò kan pàtó ni ewu yanrìn wà. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá hó, ó sì parí nígbà tí ṣúgà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lórí gáàsì mi, fún gíráàmù 200, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, rò ó bó ṣe wù ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru fúnra rẹ̀ ti ń fọ́ ṣúgà sí oríṣiríṣi nǹkan mìíràn, aṣọ wọn kò bára mu mọ́, kò sì rọrùn fún wọn láti tò. Agbede méjì yẹn nìkan ni kí o kó ọwọ́ rẹ kúrò.

Ọsàn wẹ́wẹ́ lè bá ọ ṣọ́ ọ̀nà pẹ̀lú. Ṣúgà tí à ń jẹ yìí, méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú ni, gúlúkóòsì àti fúrúkítóòsì. Tí nǹkan kíkan bá wà nínú omi, tí iná sì wà lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀ nínú wọn yóò jọ̀wọ́ ara wọn. Àwọn tó jọ̀wọ́ ara wọn yìí ni àjèjì tó wọ aṣọ ọ̀tọ̀ jókòó sáàárín àwọn aláṣọ ẹbí, tábìlì kò sì ní lè tò mọ́. Ìdajì ṣíbí tíì omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó fún gíráàmù 200. Bí o kò bá fẹ́ ọsàn, o lè lo gúlúkóòsì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ara wọn rẹ̀, ṣíbí ìjẹun kan. Àjèjì tí wọ́n ti bá ọ ṣe kalẹ̀ nìyẹn. Má lo méjèèjì pọ̀, má sì sọ pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù. Ọsàn tó pọ̀ jù á mú kó máa lẹ̀ bí àtè, kò ní dì bó ṣe yẹ, ó sì lè mú kí mílíìkì tí o máa dà sí i yọ wóró.

Ó yá, jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Wá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí inú rẹ̀ sì tàn, kí o lè máa rí àwọ̀ ṣúgà. Páànù dúdú tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ dára fún ẹyin díńdín, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ìwọ àti káràmẹ́ẹ̀lì yóò wà níbẹ̀. Kí ìkòkò náà tóbi. Ohun tí kò tó ìka méjì nísàlẹ̀ báyìí yóò ru sókè ní ìlọ́po mẹ́ta tí mílíìkì bá dé. Fọ̀ ọ́, kí o sì nù ún, kò gbọdọ̀ sí ìyẹ̀fun tàbí èérún kéèkì kankan nínú rẹ̀. Ṣúgà funfun ni kí o lò. Ti pupa ní ìdọ̀tí ìrèkè nínú, ó ń yára jó, o kò sì ní mọ ìgbà tó pọ́n torí ó ti pọ́n kó tó débẹ̀.

Da ṣúgà sí àárín ìkòkò, kí o da omi yí i ká, kí o fún ọsàn sí i. Rọra rò ó ní tútù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi rin. Gbé e ka iná tí kò le tí kò sì rọ̀. O ṣì lè máa rò ó báyìí títí omi yóò fi mọ́. Fi ẹ̀yìn ṣíbí gbé díẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tí o kò bá rí wóro kankan lára ṣíbí, ó ti yọ́. Kó ṣíbí náà kúrò, kí o gbé e jìnnà síbi tí ọwọ́ rẹ kò ti ní gbà á láìmọ̀.

Tó bá ti hó, dé e ní ìdérí fún ìṣẹ́jú méjì. Oruku tó bá kọ lu ìdérí yóò ṣàn padà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, yóò sì fọ gbogbo wóro tó wà níbẹ̀ wálẹ̀ kó tó di pé ẹrù wọ omi lọ́rùn. Àwọn kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rì bọ omi nu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì tí a fi kun búrẹ́dì lánàá kì í mọ́ tán, irun rẹ̀ sì máa ń já sínú ṣúgà. Nígbà tí o bá fẹ́ ṣí ìdérí, apá ọ̀dọ̀ ògiri ni kí o kọ́kọ́ gbé sókè, kí oruku má kọ lù ọ́ lójú.

Látìgbà náà lọ, má fi nǹkan kankan kàn án. Máa fi ojú àti etí ṣọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìhó rẹ̀ kéré, ó ń yára, ariwo rẹ̀ sì dà bí ti omi lásán. Bí omi ti ń lọ, ìhó náà yóò máa tóbi, yóò máa lọ́ra, bí ẹ̀kọ tó ń ki, ariwo náà yóò sì rọlẹ̀. Àmì pé omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Mú iná wálẹ̀. Láìpẹ́, ní nǹkan bí 160 digírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, wàá rí i tí ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n rúsúrúsú, tí àárín ṣì funfun. Má mú ṣíbí. Di ọwọ́ ìkòkò mú, kí o rọra yí i po lórí iná, kí àwọ̀ náà lè káàkiri.

Láti ibí yìí ó ń yára. Yóò dà bí oyin, lẹ́yìn náà bí tíì tí kò ní mílíìkì, lẹ́yìn náà bí bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán. Àwọ̀ bàbà yìí, ní bíi 170 sí 175, ni èmi ń fẹ́ fún kéèkì: ó dùn, ó sì ní ìkorò díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó sú ẹni. Ní ọ̀nà 180 ìkorò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Nígbà tó bá fi di 190 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín ni. Nítorí pé ìdí ìkòkò ṣì ń gbóná lẹ́yìn tí o bá pa iná, gbé e kúrò nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dé àwọ̀ tí o fẹ́. Àwọ̀ inú ìkòkò ń tanni jẹ torí ó jìn, nítorí náà kán ẹ̀kán kan sórí àwo funfun, ibẹ̀ ni wàá ti rí òótọ́. Tí o bá ní tẹmómítà, kọ́kọ́ fi wò ó nínú omi tó ń hó bóyá ó ń ka nǹkan bí 100. Ṣùgbọ́n ṣúgà gíráàmù 200 kì í jìn nínú ìkòkò ńlá, ẹnu tẹmómítà kì í rì tán, tó bá sì kan ìdí ìkòkò, ti ìkòkò ló ń sọ fún ọ. Lórí ìwọ̀n kékeré báyìí, ojú mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó wá kan mílíìkì, níbi tó ti ta sí ọ. Nínú mílíìkì, omi ló pọ̀ jù. Omi kò lè kọjá 100 digírì kó má di oruku, ìwọ sì dà á sórí ohun tó ti tó 170. Lójú ẹsẹ̀ ni omi inú mílíìkì yẹn di oruku, oruku kò sì rí ọ̀nà gbà ju kó gbé ṣúgà fò sókè. Ti inú fíríìjì ló tún burú jù, torí pé apá kan ṣúgà yóò dì bí òkúta lábẹ́, apá kejì yóò máa ta lókè. Nítorí náà, kí ṣúgà tó pọ́n ni kí o ti gbé mílílítà 120 kírímù tàbí mílíìkì inú agolo sórí iná kejì, kó gbóná láìjẹ́ pé ó hó. Pa iná abẹ́ ṣúgà. Da bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kí o fa ọwọ́ sẹ́yìn. Yóò ru. Jẹ́ kó rọlẹ̀, da díẹ̀ sí i. Ìgbà yìí ni kí o tó mú ṣíbí igi ọlọ́wọ́ gígùn. Tí gbogbo mílíìkì bá ti wọlé, fi gíráàmù 60 bọ́tà sí i, bọ́tà tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, kì í ṣe majarín tí gbogbo wa ń pè ní bọ́tà. Omi àti òróró majarín máa ń ya lórí káràmẹ́ẹ̀lì. Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo lo lò, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò ṣàn ju ti kírímù lọ, nítorí náà gbé e padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí o máa rò ó. Tí o bá rí kókó líle kan nínú rẹ̀, má jà. Iná kékeré yẹn náà ni yóò yọ́ ọ.

Tó bá tún wá di yanrìn mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́? Má dà á nù, ṣúgà ti wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ funfun, gbé e kúrò lórí iná, jẹ́ kí ìhó rẹ̀ rọlẹ̀, da mílílítà 60 omi gbígbóná sí i láti ẹ̀gbẹ́, dé e, kí o gbé e padà sórí iná kékeré títí omi yóò fi mọ́ lóló. Àkókò nìkan lo pàdánù. Tó bá sì jẹ́ pé ó ti gbẹ pátápátá, tó rí bí iyanrìn etí òkun, máa bá a lọ lórí iná kékeré, kí o máa rọra tú u. Yóò tún yọ́, yóò sì pọ́n, ọ̀nà gbígbẹ lo kàn bọ́ sí láìmọ̀ọ́mọ̀. (Ẹ̀pà tí a fi ṣúgà wé, yanrìn yìí kan náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Wọ́n ń rò ó kíkan títí ṣúgà yóò fi funfun mọ́ ẹ̀pà lára. Ohun tó jẹ́ àdánù fún ọ, ọjà ni lọ́wọ́ ẹlòmíràn.)

Ọ̀nà gbígbẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ọ kì í ṣe irọ́. Òun ni a fi ń ṣe sísì pẹlẹbẹ tí a jẹ nígbà tí a wà ní iléèwé, òun náà ni a fi ń ṣe búráwúnìǹgì, omi dúdú tí àwa oníkéèkì ń pò mọ́ kéèkì ìgbéyàwó eléso. Kò sí omi nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí omi tí ẹrù yóò wọ̀ lọ́rùn, ẹ̀rù yanrìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí. Kókó funfun tí wàá máa rí nínú rẹ̀, ṣúgà tí kò tíì yọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n omi tó ń gba ìyà ooru fún ọ ní ọ̀nà àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí o fi ń dúró. Ibi tí ahọ́n iná bá ti kan ìdí ìkòkò yóò ti kọjá 160, nígbà tí ibi tó wà ní ìka mẹ́ta sí i kò tíì mọ̀ pé iná wà.

Mo lè fi ọkàn mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Gbogbo gíráàmù 200 lo dà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná sì le. Ti ìsàlẹ̀ jó kí ti òkè tó rin. Ohun tó yẹ ni pé kí o lo páànù tó fẹ̀, kí o wọ́n ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà kan péré sí i, bíi gíráàmù 50, kó tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Kí iná kéré. Tí ẹ̀gbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, fi ọmọ orógùn tí ooru kì í bà jẹ́ fà á wá sí àárín, fífà ni, kì í ṣe rírò. Tí ti àkọ́kọ́ bá yọ́ tán, tó sì pọ́n díẹ̀, wọ́n ẹ̀kúnwọ́ kejì sí i, ti tẹ́lẹ̀ ni yóò máa yọ́ ti tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe é títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọlé. Tí o bá rí kókó, tí àwọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, gbé páànù kúrò lórí iná, kí o máa yí i po. Ooru tó wà nínú rẹ̀ tó láti yọ́ kókó náà. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí èèyàn máa dá iná sókè nítorí kókó méjì, kí gbogbo ìyókù sì jóná. Ní ìgbà òjò, ṣúgà máa ń dì pọ̀ nínú ike. Jọ̀ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, torí èyí tó bá ti dì kì í yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Fún sísì pẹlẹbẹ, gbígbẹ ni kí o lò. Ṣúgà náà kò pọ̀, o kò sì ní fi mílíìkì sí i, adùn rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ díẹ̀. Fún ti orí kéèkì oníbàárà rẹ yìí, olómi ni, títí ojú rẹ yóò fi mọ àwọ̀ bàbà yẹn láìwo àwo funfun. Tí ṣúgà bá sì ti ju gíráàmù 300 lọ, olómi ni èmi fúnra mi ń lò, láìka ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ sí. Kò sí páànù tí ooru rẹ̀ dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ lórí gáàsì ilé.

Búráwúnìǹgì ni mo fẹ́ bá ọ sọ díẹ̀ lórí rẹ̀, torí bí o ti ń ṣe kéèkì, wàá débẹ̀. A ń jó ṣúgà gbígbẹ títí yóò fi dúdú, tí yóò máa yọ èéfín, lẹ́yìn náà a ó da omi gbígbóná sí i. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀kúnwọ́ ife omi láti inú dúrọ́ọ̀mù ni mo dà sí tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ mi. Omi gbígbóná ni kí ó jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni, kí ojú rẹ má sì sí lókè ìkòkò.

Ohun tó jẹ́ kí ṣúgà burú ju omi gbígbóná lọ kì í ṣe pé ó gbóná sí i nìkan. Omi tó bá dà sí ni lára ń ṣàn lọ. Ṣúgà lẹ̀ mọ́ awọ, ó dúró síbẹ̀, ó sì ń jó wọnú lọ. Nítorí náà, kí o tó tan gáàsì, gbé abọ́ ńlá kan tó kún fún omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ìwúlò rẹ̀ jẹ́ méjì: tí ṣúgà bá kàn ọ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ, tí àwọ̀ bá sì ń sáré jù, o lè rọra fi ìdí ìkòkò kan omi náà kó dáwọ́ dúró, kí omi má wọ inú rẹ̀. Wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, má wọ sálúbàtà. Aṣọ òwú ni kó wà lọ́rùn rẹ, torí aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ ara. Yí ọwọ́ ìkòkò sí inú, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ lù ú. Àkísà tí o máa fi gbé e gbọ́dọ̀ gbẹ, torí èyí tó bá tutù yóò di oruku mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọmọdé kò sí nínú ilé ìdáná, fóònù náà kò sí níbẹ̀. Má sì tọ́ ọ wò láti inú ìkòkò, bó ti wù kó ta sánsán tó.

Tó bá wá jó ọ, omi tútù tó ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ ni, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Tí ẹ̀rọ kò bá ṣàn, máa fi ife bu omi sí i, kì í ṣe yìnyín. Bọ́ òrùka àti aago kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ṣúgà tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, má fà á ya, omi yóò yọ́ ọ. Mo mọ gbogbo ohun tí àwọn aládùúgbò yóò gbé wá: ẹyin tútù, túpéèsì, epo pupa, iyọ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o má jẹ́ kó kan ọwọ́ rẹ. Wọ́n ń há ooru mọ́ abẹ́ awọ, wọ́n sì ń kó kòkòrò wọlé. Fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ tí a fi ń bo oúnjẹ bo ojú ibẹ̀ láìfún un. Tí jíjóná náà bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ lọ, tó bá lé ròrò, tàbí tó bá wà lójú, lọ́wọ́ tàbí ní oríkèé, ilé ìwòsàn ni.

Tí ìkòkò bá ń rú èéfín dúdú, pa gáàsì, dé e, kí o fi sílẹ̀ níbẹ̀. Má gbé e sáré lọ síta, má sì da omi sí i. Káràmẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ lọ sínú ihò ibi ìfọwọ́, yóò dì níbẹ̀ bí ṣìmẹ́ǹtì. Ìkòkò tó dì pa, má fi irin há a. Bu omi kún un, gbé e kaná, kó hó, gbogbo rẹ̀ yóò yọ́ kúrò fúnra rẹ̀.

Ní ti kéèkì oníbàárà rẹ, ṣe ọbẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o dà á sínú ìgò tó gbẹ. Jẹ́ kó tutù kí o tó dé e, kí oruku má baà kán padà sínú rẹ̀. Tí o bá rí i láàárọ̀ pé wóro díẹ̀ ti yọ nínú rẹ̀, da ṣíbí omi kan sí i, kí o gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, yóò mọ́ padà. Kéèkì ni kó ti inú fíríìjì wá, káràmẹ́ẹ̀lì ni kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá gbóná, yóò yọ́ bọ́tà ojú kéèkì, gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣàn wálẹ̀ sórí páálí. Kọ́kọ́ fi ṣíbí da ẹyọ kan sí ẹ̀yìn kéèkì níbi tí ojú kò tó. Tó bá ṣàn dé agbede méjì, tó sì dúró, bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.